Pùròpósà Bóhóòlù Àdúgbò Wa ní Bọ́lọ́rundúró, Iléṣà: Ìṣòro Tó Wà Nílẹ̀ àti Ohun Tá A Fẹ́ Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábùjá àti lókè òkun, ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù àti ayálégbé tá a jọ wà nílé, ẹ kú àfojúbà o. Ẹ ti ń béèrè nínú gúrúùpù pé kí ni owó tá à ń dá yìí fẹ́ ṣe gan-an, ìbéèrè yẹn sì dáa. Kọmítì omi ti jókòó lé e, ohun tá a fẹnu kò sí rèé. Bọ́jẹ́ẹ̀tì máa tẹ̀ lé e lọ́tọ̀.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀

Láti oṣù Kọkànlá títí di òpin oṣù Kẹta, omi kì í tó wa lò rárá. Ní oṣù Kìíní 2026 a kà á láti ojúlé dé ojúlé, ìdílé 212 ni, èèyàn 1,340. Kànga 31 ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n nígbà tá a yí i ká ní oṣù Kejì, 23 ti gbẹ kanlẹ̀, 8 tó kù sì rèé, tó bá ti di ọ̀sán ẹrẹ̀ ló ń bá korobá jáde, ẹni tó bá fẹ́ rí omi tó mọ́ níbẹ̀ á jí kí àkùkọ tó kọ.

Ìdí tó fi ń gbẹ ò le. Orí àpáta ni Iléṣà wà. Omi tá à ń fi okùn fà wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn, òjò ló ń kún un, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Omi tó lè bá ẹ̀ẹ̀rùn jà wà nísàlẹ̀, níbi tí àpáta ti sán, kì í sì í ṣe gbogbo ibi ló ti sán, torí náà ẹni tó bá kàn gbé ẹ̀rọ dé tó ní òun á gbẹ́ ẹ síwájú ilé alága, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Nígbà tí kànga bá gbẹ, àá ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ní ₦150. Ìdílé ẹlẹ́ni 6 tó bá fẹ́ lo lítà 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ra kẹ́ẹ̀gì 5 lójúmọ́, ₦750 nìyẹn, ₦22,500 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ẹ bá wa wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ló ń lọ sórí omi nìkan! Ọ̀pọ̀ ò lè rà á, torí náà wọ́n ń lo ìwọ̀nba. Nínú ìdílé 40 tá a tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ kan, lítà 11 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu, oúnjẹ, ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá.

Àwọn tí ò lè rà á ń lọ sódò. Lílọ, bíbọ̀ àti títò sórí ìlà ń gbà tó ìṣẹ́jú 80, bẹ́ẹ̀ òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ò kọjá ìṣẹ́jú 30. Àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀, aago iléèwé á sì ti lù kí wọ́n tó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá gan-an.

Omi tó kù náà ò mọ́. A gbé omi kànga 4 lọ sí láàbù, í-kólì wà nínú 3, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá nìyẹn, kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jìn tó mítà 30 sí ṣálángá tàbí ṣókàwéè.

Ẹnìkan máa ní ṣebí wọ́n ti gbẹ́ bóhóòlù kan fún wa rí. Òótọ́ ni. Súmò ẹ̀ jóná, kò sẹ́ni tówó àtúnṣe wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n fiṣẹ́ ẹ̀ lé lọ́wọ́, ló bá dákẹ́ síbẹ̀ di òní.

Torí náà ìṣòro wa ni pé, fún nǹkan bí oṣù 5 lọ́dọọdún, èèyàn 1,340 ò rí omi tó mọ́ tó sì tó lò nítòsí ní iye tí apá wọn ká, kò sì sí ètò kankan tó lè mú kí ẹ̀rọ omi ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tá a bá ti ṣí i tán.

Ohun tá a fẹ́ ṣe, pẹ̀lú òdiwọ̀n ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa ka gbígbẹ́ ihò sí àṣeyọrí. Àwọn nǹkan tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ fi dá wa lẹ́jọ́.

Èkíní, kó tó di 31 oṣù Kẹta 2027, omi tó máa fún èèyàn 1,340 ní lítà 20 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ti máa yọ, ìyẹn lítà 26,800. Sólà la fẹ́ lò torí iná ò ṣe é gbára lé, dísù sì wọ́n, a sì ṣírò ẹ̀ sórí wákàtí 6 tí oòrùn fi ń mú dáadáa. Tí ihò náà bá ń mú lítà 1.25 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lítà 4,500 ni ní wákàtí kan, 27,000 lójúmọ́. A máa kọ́kọ́ ṣe sọ́fè ilẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2026, a máa gbẹ́ ẹ ní oṣù Kìíní, àá wá fà á fún wákàtí 24 gbáko ní oṣù Kejì tí ilẹ̀ gbẹ jù. Ihò tí wọ́n bá dán wò ní oṣù Kẹsàn-án lè tú omi yàà kó sì já wa kulẹ̀ lọ́dún Kérésì. Tí kò bá tó lítà 1.25, a máa sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ká tó ra tánńkì.

Èkejì, ẹnu ẹ̀rọ 6, torí òdiwọ̀n èèyàn 250 sí ẹnu ẹ̀rọ kan la tẹ̀ lé. Ní oṣù Kejì 2028, a máa padà sọ́dọ̀ ìdílé 40 tá a wọn lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán 36 nínú wọn gbọ́dọ̀ máa pọnmi lọ-bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, láàbù gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí í-kólì kankan nínú mílílítà 100, kí òjé àti ásẹ́níkì má sì kọjá mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń wa góòlù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìdí tá ò fi ní fojú fo ìyẹn nìyẹn. Àá tún un yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, àá lẹ èsì ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù lójú wa. Láàárín oṣù 12 tá a bá ṣí i, gbogbo ọjọ́ tí omi ò bá yọ ò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ, ohunkóhun tó bá sì bàjẹ́, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín wákàtí 72. Kẹ́ẹ̀gì kan máa jẹ́ ₦20. Ká tiẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì 500 péré la tà lójúmọ́, ₦300,000 ni lóṣù: ₦70,000 fún ẹni tó ń bójú tó o, ₦100,000 sínú àkáǹtì àtúnṣe, ìyókù fún láàbù àti ìtọ́jú. Lópin ọdún, àkáǹtì yẹn ò gbọ́dọ̀ dín ní ₦1,200,000. Èèyàn 3 ló máa ń fọwọ́ sí i, 2 nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, torí àwọn ló ń pọnmi, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ tó bá dákẹ́. Ìdílé arúgbó 14 tí ò lólùrànlọ́wọ́ ò ní san kọ́bọ̀.

A ò kọ ọ́ síbí pé ìgbẹ́ gbuuru máa dín kù. A gbà gbọ́ pé ó máa dín kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ, ọwọ́ àti ṣálángá náà ń fà á, a ò sì ní ọ̀nà tá a fẹ́ fi yà á sọ́tọ̀, kò yẹ ká gba owó yín lórí ohun tá ò lè wọ̀n.

Ìwé kan máa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ojoojúmọ́ ló máa kọ wákàtí tí omi fi yọ, iye kẹ́ẹ̀gì àti owó tó wọlé sí i. Lóṣooṣù àá ya fọ́tò ẹ̀ sínú gúrúùpù. A máa ka gbogbo ẹ̀ síta nígbà tẹ́ ẹ bá wálé fún Ìwúdè ní oṣù Kejìlá 2027, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ ìwé náà wò fúnra ẹ̀, a ò ní gbé e pamọ́ fún un.