Ẹni Tó Wà, Kó Dáhùn

Fóònù ni kò kọ́kọ́ gbà pé Bàbá Fúnkẹ́ ṣì wà láàyè.

Fúnkẹ́ gbé e sí iwájú wọn, ó ní, "Bàámi, ẹ ò ní lọ tò síbì kankan fún ìyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì lọ́dún yìí. Ojú yín nìkan ló fẹ́ rí." Bàbá tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe, wọ́n sì jókòó ṣánṣán. Àkọlé kan yọ: kí wọ́n bọ́ awò ojú. Wọ́n bọ́ ọ. Òmíràn yọ, ṣùgbọ́n láìsí awò, ta ni yóò kà á? Wọ́n gbé awò padà sójú, wọ́n kà á: kí wọ́n ṣẹ́jú. Wọ́n ṣẹ́jú. Fóònù ní òun rí awò, kí wọ́n bọ́ ọ.

Nígbà tó yá, Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣẹ náà sí wọn létí. "Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ yíjú sọ́tùn-ún. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i." Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, fóònù ní ojú tí òun ń wò kò bá ti inú àkọsílẹ̀ mu.

"Fọ́tò wo ló wà lọ́wọ́ wọn?"

"Èyí tí ẹ yà nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì ni."

"Ọdún 14 sẹ́yìn? Mo ṣì léyín nígbà yẹn."

Ó wá di dandan kí wọ́n gbé fáìlì. Fáìlì yìí kì í kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá: ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn, káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò pélébé méjì, tí gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ sì ní ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta. Bàbá ti kọ orúkọ àwọn nǹkan náà sẹ́yìn fáìlì pẹ̀lú yíǹkì pupa, a, b, d, títí dé f. Ọ̀rẹ́ wọn, Ládípọ̀, olùkọ́ ìṣirò, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn. Ó ní ẹni tó bá mọ̀wé ń fi nọ́ńbà to nǹkan ni. Ọdọọdún ni àwọn méjèèjì jọ máa ń lọ síbi ìyẹ̀wò yìí, tí wọ́n á máa du ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Oṣù méjì rèé tí Ládípọ̀ ti kú.

Nọ́ńbà 63 ni wọ́n fún Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá dé irú ibẹ̀ rí lè rò pé ibi ìbànújẹ́ ni. Irọ́ ni. Àwàdà ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Ìwọ náà ṣì wà?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Obìnrin àgbàlagbà kan ní òun ti sọ fún ikú kó ní sùúrù títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀ fún òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan bàbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì gbé lápá wọlé.

Kò sì sẹ́ni tó bínú sí ètò náà fúnra rẹ̀, àfi ìtò gígùn. Wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Òkú ń gba owó. Ẹni tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹbí á dákẹ́, owó á máa wọlé lóṣooṣù. Nítorí náà, ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á dá owó rẹ̀ dúró ná. Bàbá kò rí àléébù nínú ìyẹn. Ọdún 35 ni wọ́n fi pe orúkọ ọmọléèwé láràárọ̀, wọ́n sì mọ àwọn tó máa ń dáhùn fún ọ̀rẹ́ tí kò wá, tí wọ́n á ki ohùn kí ó lè dà bíi ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tí Bàbá ń dá ni pé tí wọ́n bá ń pe orúkọ, wọn kì í wo ìwé, ẹnu ni wọ́n ń wò.

Wọ́n pe 63. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó nídìí kọ̀m̀pútà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba ìtẹ̀ka.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Àtàǹpàkò ọ̀tún, sà."

Iná pupa.

"Ẹ tún un tẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ le jù."

Pupa. Ti òsì, pupa. Ìka ìfábẹ̀là, pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi aṣọ tútù nu ọwọ́ wọn, ó ní awọ àgbà máa ń gbẹ, ilà rẹ̀ a sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹfun ló jẹ ẹ́," ni Bàbá wí.

"Àgbà náà ni, sà. Ti ìyá mi náà kì í gbà."

Ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín, ti ọwọ́ òsì, ló wá tan iná àwọ̀ ewé. Bàbá gbé e sókè, wọ́n wò ó. Òun ni kò di ẹfun mú rí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kùn, ìwé kò tíì jáde, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá pe ẹni tó kàn.

"Nọ́ńbà 64. Ọ̀gbẹ́ni Ládípọ̀!"

Bàbá rò pé etí àwọn ni.

"Wọ́n wà!" Ohùn kan dáhùn látẹ̀yìn, ó ki gbàǹgbà. "Wọ́n wà nínú mọ́tò níta. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n parí ti Bàbá yìí, a ó gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn níbẹ̀."

Bàbá yíjú padà. Wọn kò wo fáìlì tí ọmọ náà gbá mọ́ àyà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wò.

"Túndé."

Wọn kò pariwo. Ohùn kíláàsì ni, èyí tí ọmọ tó wà nídìí fèrèsé náà ń gbọ́. Túndé, tó ti bímọ mẹ́ta, dìde dúró.

"Sà."

"Bàbá yín ńkọ́?"

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Túndé wo ilẹ̀. "Màámi ló ní... Owó oògùn wọn, sà. A kàn ní kí ti oṣù yìí ṣì wọlé."

"Mo bi ọ́ léèrè bàbá rẹ."

"Wọn ò wá, sà."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí kọ̀m̀pútà ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Ṣé wọ́n á lè wá lọ́la?"

"Rárá," ni Bàbá wí. "Oṣù méjì rèé tó ti kú. Èmi náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀m̀pútà. "Ìwé ẹ̀rí ikú ńkọ́?" Nígbà tí Túndé mi orí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ lọ gbà á wá, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè fi ẹnu lásán kọ ọ́ pé wọ́n ti kú. Tí ẹ bá mú un dé, a ó wo ohun tó bá tọ́ sí ìyá yín."

Ìwé Bàbá jáde. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú: láàyè ni wọ́n, ó sì máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ òní lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ó níye ọjọ́," ni Bàbá wí, wọ́n sì ká a sínú àpò.

Níta, kò sí mọ́tò kankan. Túndé dúró lẹ́bàá ògiri, kò lè wo ojú wọn. Bàbá na ọwọ́ gba fáìlì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkọ̀wé Ládípọ̀ wà, 1, 2, 3, títí dé 6, tí ìlà abẹ́ wọn gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà.

Bàbá yọ bírò pupa. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: 7. Ìwé ẹ̀rí ikú.

"Ẹ̀dà mẹ́ta," ni wọ́n sọ fún Túndé. "Èmi náà á bá ọ lọ."