Káàdì Ìdáná 7: Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Pẹ̀lú Ẹran Màlúù, Abọ́ 40

Ilé ìdáná wa, ẹ̀bá Ọjà Ọba, Akúrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀ yìí, kó ka káàdì kó tó tan iná, bó tiẹ̀ ti sè é nígbà ọgọ́rùn-ún.

Abọ́ kan jẹ́ ọbẹ̀ 250 gíráàmù àti ẹran kan tó wọn 60 sí 65 gíráàmù lẹ́yìn tó jinná. Ọbẹ̀ gbogbo, láìka ẹran, gbọ́dọ̀ jẹ́ kìlò 10. Owó tó ń wọ abọ́ kan jẹ́ ₦1,350. A ń tà á ₦3,000. Iyán ní káàdì tirẹ̀.

Èlò, pẹ̀lú iye tí a rà á lọ́sẹ̀ ìdánwò

Ẹran màlúù tí kò ní eegun, kìlò 4: ₦28,000
Ẹ̀gúsí lílọ̀, kìlò 1.5: ₦7,200
Ẹ̀fọ́ ṣọkọ pẹ̀lú igi rẹ̀, kìlò 4: ₦4,000
Tàtàṣé kìlò 1.5, ata rodo gíráàmù 250, àlùbọ́sà gíráàmù 600: ₦4,500
Epo pupa, lítà 1.2: ₦2,400
Ẹja gbígbẹ, gíráàmù 500: ₦3,500
Edé, gíráàmù 150: ₦1,500
Irú, gíráàmù 120: ₦600
Iyọ̀ gíráàmù 60 àti mágì hóró 10: ₦500
Gáàsì, kìlò 1.5: ₦1,800
Àpapọ̀: ₦54,000

A kì í fi kóńgò wọn ẹ̀gúsí fún káàdì yìí. Kóńgò ìyá kan ti tẹ̀ wọnú nídìí, ti èkejì ń kún tente, owó kan náà ni wọ́n ń gbà. Orí sikéèlì ni kó o gbé e.

Ìdánwò: ohun tí a rà àti ohun tó kù

Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fi ṣe é, alásè mẹ́ta. Ẹran tútù kìlò 4 di 2.46, 2.52 àti 2.52 nígbà tó jinná. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 2.5 la mú. Iná ti gba kìlò kan àtààbọ̀ lọ, nítorí náà ẹran tí a rà ní ₦7,000 ní kìlò kan ti di ₦11,200 nígbà tó máa fi dé inú abọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn ẹran ní tútù, gíráàmù 100 sí ẹyọ kan, ká tó gbé e kaná. Ẹni tó bá fojú gé e ń fi owó ilé ìdáná tọrẹ fún oníbàárà kan, ó sì ń rẹ́ ẹlòmíì jẹ. Ìyẹn kò dára rárá, n kò sì ní fojú fo ó.

Ẹ̀fọ́ kìlò 4 di 2.1, 2.3 àti 2.2 lẹ́yìn ṣíṣà, ìyẹn 2.2. Bí a bá bọ̀ ọ́ tí a fún un, ó di 1.4. Bí igi bá pọ̀ jù débi pé ẹ̀fọ́ tí a ṣà kò tó kìlò 2, ẹ sọ fún mi kí n bá ẹni tó tà á fún wa sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ń sè é

Fi omi lítà 4, iyọ̀ gíráàmù 30 àti àlùbọ́sà kan bọ ẹran fún ìṣẹ́jú 45. Kó ẹran jáde. Wọn lítà 4 nínú omi rẹ̀; bí ó bá dín, fi omi gbígbóná kún un.

Gbé epo kaná, má jẹ́ kó hó sí funfun. Fi irú àti àlùbọ́sà tí a gé sínú epo, kí ata tí a lọ̀ tẹ̀ lé e fún ogún ìṣẹ́jú, títí epo yóò fi léfòó. Da omi ẹran sí i, pẹ̀lú ẹja, edé àti mágì.

Po ẹ̀gúsí pẹ̀lú omi díẹ̀ kó ki, máa já a sí ìkòkò ní ṣíbí kéékèèké. Bo ìkòkò fún ìṣẹ́jú 15, má rò ó. Ibí yìí làwọn alásè máa ń kánjú. Bó o bá rò ó láìpẹ́, yóò di ọ̀dà, adùn rẹ̀ á sì bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀fọ́ sí i àti iyọ̀ tó kù, fún ìṣẹ́jú 5 péré.

Kí o tó bù ú

Ìkòkò òfìfo wọn kìlò 3.2, a ti kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Pẹ̀lú ọbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọn kìlò 13.2. Bí ó bá kọjá 13.5, jẹ́ kó hó díẹ̀ sí i. Bí kò bá tó 12.9, fi omi ẹran gbígbóná kún un, kì í ṣe omi tútù. Ìgbákọ méjì dọ́gba-dọ́gba ni abọ́ kan.

Kìlò ẹran ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù: bó bá di ₦8,000, abọ́ kan di ₦1,450. Ẹ kọ iye ọjọ́ náà àti iye abọ́ tó jáde sí ẹ̀yìn káàdì, kẹ́ ẹ tó fọ ìkòkò.