Ìtọ́ni fún fídíò ẹ̀yìn ìtàgé: ọjọ́ ìbí ọdún 70 Màmá Aláró, Òṣogbo

Fídíò kìíní: nígbà tí àlejò ń wọlé

Àwọ̀ nìkan ni kó máa rìn nínú fídíò yìí. Mi ò fẹ́ ènìyàn, ilé, igi tàbí lẹ́tà. Kí gbogbo ojú sikirini bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú, bí aṣọ ṣe máa ń rí ní kété tí wọ́n bá fà á jáde nínú ìkòkò aró. Láti òkè lápá òsì ni kí búlúù ti máa wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí aṣọ náà níbì kan kó tó dé ibòmíràn. Ewé yóò di búlúù tó mọ́, búlúù tó mọ́ yóò ki títí yóò fi fẹ́ di dúdú: aró dẹ́dẹ́ bí òkun. Má jẹ́ kí ààlà kankan hàn láàárín wọn. Kí wọ́n máa yí wọ inú ara wọn bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀pá rò. Rọra ni o. Màmá ti fi ojú ara wọn rí àyípadà yìí láìmọye ìgbà. Tó bá yára jù, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe aró.

Ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ìparí bá ìbẹ̀rẹ̀ mu láìsí ìfò.

Fídíò kejì: àkókò oúnjẹ

Búlúù dúdú tó dúró jẹ́ẹ́. Kí ègé funfun kéékèèké máa já bọ́ láti òkè, bí ẹ̀kọ gbígbẹ ṣe ń ṣí kúrò lára adìrẹ ẹlẹ́kọ. Kí wọ́n tò gátagàta, àwọn kan sún mọ́ wa tí wọn ò hàn ketekete, àwọn kan jìnnà. Níbi tí ègé kan bá ti kúrò, kí ìlà funfun ṣẹ́ kù fún ìgbà díẹ̀, kó tó rá.

Fídíò kẹta: orin oríkì tí àwọn ọmọ máa kọ

Ẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ idẹ, nítorí Ọ̀ṣun, kó máa ṣàn láti ọ̀tún sí òsì bí odò tó kún. Nígbà tí ìlù bá wọlé, kí wọ́n fẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọrin, kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí àárín ṣókùnkùn, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi máa kọ ọ̀rọ̀ orin sí.

Fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Fífẹ̀ píksẹ́lì 3840, gíga 1080, fíréèmù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Má fi ìlà tín-ín-rín púpọ̀ sí i, kámẹ́rà máa sọ ọ́ di ìrúkèrúdò. Má jẹ́ kí iná kankan ṣẹ́jú: ẹni tí wárápá ń bá jà lè wà láàárín àlejò.