Àtúnyẹ̀wò ìṣirò: ọjọ́ tí a ó pàdé àti bí a ó ṣe pín nóòtù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìdánwò ìṣirò wa di Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Kẹfà. Mo ti ka ohun tí oníkálukú kọ nípa àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọjọ́ tó bá èyí tó pọ̀ jù nínú wa mu nìyí: Sátidé 30 oṣù Karùn-ún, Sátidé 6 oṣù Kẹfà àti Ọjọ́rú 10 oṣù Kẹfà, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Túndé, mo mọ̀ pé o ò ní ráyè ní Sátidé àkọ́kọ́. Èmi á jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ kejì, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ nóòtù ló wà lọ́kàn mi jù. Nígbà tó kọjá, àwa mẹ́ta la kọ nóòtù fún èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹnì kan sì ní ìbéèrè ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, ìgbà tí ìdánwò parí la tó mọ̀. Ó dùn mí gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, kí kálukú mú àkòrí kan:

kúádírátíìkì, lógárídímù, sétì, tirigonométìrì, pùròbábílítì, statísítíìsì, jọ́mẹ́tìrì, ìpín àti ìdá ọgọ́rùn-ún, gíráàfù.

Kẹ́mi àti Ṣọlá ni kó kọ́kọ́ mú, wọ́n ti ṣe gudugudu nígbà yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ fún mi. Ojú ìwé méjì ti tó, ẹ lè fọwọ́ kọ ọ́, kí fọ́tò rẹ̀ ṣáà hàn kedere. Kó wọlé síbí kí Ọjọ́bọ̀ 28 tó ṣú. Bí ọwọ́ ẹ bá dí, sọ fún wa lásìkò, a ó bá ọ gbé e. Má kàn dákẹ́. Ẹni tí kò bá ní détà, màá tẹ ẹ̀dà tiẹ̀ wá.

Ìbéèrè 2019, 2021 àti 2022 wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e síbí lálẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní 2020 tàbí 2023, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un jáde. Ìdánwò tí wọ́n ti ṣe kọjá nìkan o. Èyí tí wọ́n bá ní ó jò jáde, ẹ má gbé e wá sáàárín wa rárá.

Ẹ má sì fi ìdáhùn síbí kí a tó pàdé. Wákàtí àkọ́kọ́, kálukú á dá ṣe tiẹ̀ láìwo nóòtù. Ẹ rántí 2x² − 5x − 3 = 0? Àwa márùn-ún la kọ 25 − 24 fún b² − 4ac. Bẹ́ẹ̀, −3 ni c, torí náà 25 + 24 ni, 49, x sì jẹ́ 3 tàbí −½. Ká ní a ti rí ìdáhùn tẹ́lẹ̀ ni, a ò bá má mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀.

Kẹ́mi, Ṣọlá, èwo ni ẹ mú?