Ẹ Bá Wa Tún Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Yìí Ṣe: Victoria Randle Ni, Kì Í Ṣe Ìyá Rẹ̀

Súrùlérè, Èkó
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 2024

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò gùn. Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí Àìná, ọmọ Òkè-Odàn tí ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, àwòrán kejì tí ẹ lò kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: “Sarah Forbes Bonetta pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, ọdún 1862.” Victoria, ọmọ tí Sarah bí, ni obìnrin tó jókòó sórí àga yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún un ṣe.

Ọdún tí ẹ kọ síbẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ta ko ara rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862 ni Sarah ṣègbéyàwó pẹ̀lú James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní ìlú Brighton. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Camille Silvy ya tọkọtìyàwó ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àwòrán ọjọ́ yẹn ṣì wà ní National Portrait Gallery títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyàwó tuntun ni Sarah nígbà náà, kò tíì gbé ọmọ pọ̀n. Ọdún 1863 ni wọ́n tó bí Victoria, àkọ́bí rẹ̀. Ẹ wá wo àwòrán tí ẹ lò: ọmọbìnrin kan dúró létí àga, ó ti tó ẹni tí ń lọ sílé ìwé, ọmọkùnrin kan sì wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ atukọ̀. Ta ló bí wọn fún Sarah ní 1862?

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ọdún nìkan ni ẹ ṣì kọ, pé orúkọ tọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo apá ẹ̀wù obìnrin náà. Ó wú rùmù lórí èjìká, ó wá fún pinpin láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Àṣà àárín ọdún 1890 sí 1900 nìyẹn. Nínú àwòrán tí Silvy yà, ìsàlẹ̀ aṣọ ni gbogbo ìwúwo wà, yẹ̀rì Sarah fẹ̀ bí àgò adìyẹ. Ikọ́ ife ló pa Sarah ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880. Nígbà tí irú apá ẹ̀wù yẹn fi dé ìgboro, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà nínú sàréè.

Èyí tó dá mi lójú jù lọ wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi í sí ojú ìwé yín ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mo ní ẹ̀dà tí a kò gé, mo sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Lórí páálí tí wọ́n lẹ àwòrán mọ́, ẹnì kan fi tádàwà kọ “Mrs. Randle and children” sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ tiyín lójú dáadáa, ẹ máa rí i pé orí lẹ́tà R ṣì yọ díẹ̀ ní igun yẹn. Ọ̀bẹ kò gé e tán.

Mo mọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé, nítorí kì í ṣe ojú ìwé yín nìkan ni mo ti rí i. Ìyá àti ọmọ ni ààfin kan náà mọ̀. Ìyá ni Gezo ọba Dahomey fà lé Ọ̀gágun Forbes lọ́wọ́ ní 1850, tí Forbes sì mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, orúkọ ọbabìnrin ló sọ ọ́, ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sì ṣe ìyá ìsàmì fún un. Torí náà, bí àwọn ènìyàn bá ti rí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú aṣọ òyìnbó àtijọ́, tí wọ́n sì gbọ́ “Victoria,” orúkọ Sarah ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn láìwẹ̀yìn wò.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé Victoria kì í ṣe ẹni tí a lè fi dí àyè fún ẹlòmíràn. Ilé ìwé Cheltenham Ladies' College ló lọ. Dókítà John Randle ló fẹ́, ẹni tí ará Èkó ṣì ń dárúkọ rẹ̀ ní Oníkàn dòní olónìí. Òun ló fún Samuel Coleridge-Taylor ní ohùn orin Yorùbá kan tí ọkùnrin náà lò nínú àkójọ orin dùùrù tó tẹ̀ jáde ní 1905. Mélòó nínú wa ló mọ èyí? Àwòrán rẹ̀ kò pọ̀ níta bí ti ìyá rẹ̀, ọ̀kan tó wá bọ́ sójú ayé ni wọ́n tún fi orúkọ ìyá bò mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ìwé girama kan níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan tẹ àwòrán yẹn jáde, ó gé e, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí àfihàn wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀, láìyọ àmì kan. Mo ní kó yọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, “Mà, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o.” Kò sí ìwà àrífín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ló gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kó wà lábẹ́ àwòrán náà nìyí, ẹ lè lò ó bó ṣe wà:

“Victoria Davies Randle (a bí i ní 1863), ọmọ Sarah Forbes Bonetta, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ó jọ pé láàárín 1890 sí 1900 ni wọ́n yà á.”

Ẹ jọ̀wọ́, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán nìkan ni ẹ máa yí. Orúkọ fáìlì náà ṣì ń jẹ́ `sarah-forbes-bonetta-1862.jpg`, bí ẹnikẹ́ni bá sì wá Sarah, òun ló máa tún yọjú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà sétí àwọn tí kò ríran náà ń pe orúkọ yẹn. Mo sì rọ̀ yín kí ẹ kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ, pẹ̀lú déètì, pé orúkọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti ẹni inú àwòrán. Bí ẹ bá kàn yí i padà ní bòńkẹ́lẹ́, àwọn tó ti dà á kọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti yí.

Àpilẹ̀kọ yẹn fúnra rẹ̀ dára, pàápàá ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe kó Òkè-Odàn lógun. Bí ẹ bá ń wá àwòrán Sarah tí kò ní iyèméjì nínú, ọ̀kan nínú àwọn tí Silvy yà máa bá àyè yẹn mu.

Bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ẹ dá èsì padà sórí í-meèlì tí mo fi kọ èyí. Mo máa ń kà á ní alaalẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọlákẹ́ Adéyẹmọ (Ìyáàfin)