Ìyókù owó àdìrẹ yín, ₦518,000 (ínfọ́ọ̀sì 047): ọjọ́ tí a fi sí i ti kọjá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá 2025
Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó tó kọjá. Mo rí àwọn fọ́tò ayẹyẹ náà lórí wọ́sáàpù. Aṣọ yẹn bá gbogbo wọn mu, àwọn tó fi rán ìró àti bùbá ló tún wá yọ jù. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí ti ayọ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá. Ìyókù owó àdìrẹ yín, ₦518,000, tó yẹ kó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 oṣù yìí, kò tíì wọlé. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ méjì gééré. Mo ti pè yín, mo sì ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, "ó ń bọ̀" náà ni mò ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè yé àwa méjèèjì dáadáa.

Bí owó náà ṣe jẹ́ rèé. Aṣọ 80 lẹ kọ́kọ́ ní kí n ṣe, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, ₦14,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ san ₦560,000 sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹ ní kí n yọ mẹ́ta kúrò, mo yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ya ẹ̀kọ sára wọn. Ohun tí ẹ gbà wá jẹ́ 77, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,078,000. Tí a bá yọ ohun tí ẹ ti san kúrò, ₦518,000 ló kù. Ọmọ yín tó wá gbé ẹrù ní ọjọ́ 7 oṣù yìí kà á lójú mi, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ yẹn náà ni mo fi ínfọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí yín, ọjọ́ méje tí a jọ fẹnu kò sí ló sì wà nínú rẹ̀. Mo ti so ínfọ́ọ̀sì náà àti ìwé tí ọmọ yín fọwọ́ sí mọ́ ímeèlì yìí.

Lórí fóònù, ẹ sọ fún mi pé ọlọ́jọ́ ìbí ò tíì kó owó aṣọ ẹbí fún yín, pé àwọn kan ti gba aṣọ wọn, wọ́n ti rán an, wọ́n ti wọ̀ ọ́, wọn ò sì tíì sanwó. Mo gbà yín gbọ́. Ta ló ṣe aṣọ ẹbí rí nílùú yìí tí kò mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín aṣọ, gbogbo ayé ló máa ń tètè dé. Ọjọ́ owó ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń dà rú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò mọ ọlọ́jọ́ ìbí náà rí. Ẹ̀yin lẹ bá mi ná aṣọ, ẹ̀yin lẹ yan bátànì, orúkọ yín ló sì wà lórí ínfọ́ọ̀sì. Iye tí ẹ ta aṣọ náà fún wọn, n ò bi yín, kò sì kàn mí. Ká ní wọ́n ti san án fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, n ò ní wá bá yín pín èrè. Bí wọ́n bá wá fi falẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ orí mi ni ìfalẹ̀ náà máa já lé.

Ẹ tún mẹ́nu ba aṣọ kan tí aró ń jáde lára rẹ̀. Aṣọ aró gbọ́dọ̀ tú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ìwé pélébé tí mo fi sínú ìdì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́: kí wọ́n dá a fọ̀, kí wọ́n lo omi tútù, kí wọ́n sì sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Bó bá ṣì ń tú lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kó o wá, màá pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kan kò lè di owó 77 mú.

Ẹ̀yin náà mọ bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń gba ọwọ́ tó. Àwọn obìnrin tó jókòó fi ìyẹ́ adìẹ ya láfún sára aṣọ yín, ọjọ́ tí wọ́n parí ni mo sanwó fún wọn, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun. Sódà àti àwọn èlò aró, owó ọwọ́ ni wọ́n ń tà á fún wa, kò sí àwìn níbẹ̀. Aṣọ funfun nìkan ni mo rà láwìn. Bí mo ṣe ń pè yín ni ẹni tó tà á fún mi náà ń pè mí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ₦518,000 náà wọlé kí ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá tó parí. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá lè jáde lẹ́ẹ̀kan, mo lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì: ₦300,000 ní ọjọ́ Ẹtì yìí, 31 Oṣù Kẹwàá, àti ₦218,000 ní ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, ẹ fi ímeèlì dá mi lóhùn kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí. N ò fi owó ìdádúró kankan lé e, nítorí a ò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Aṣọ 60 tí ẹ fẹ́ fún Kérésìmesì ńkọ́? Mo ṣì fi àyè yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ní rẹ aṣọ kan sínú aró títí gbèsè yìí yóò fi tán. Tó bá di ọjọ́ 3 tí n ò rí owó, tí n ò sì rí èsì, màá fún oníbàárà míràn ní àyè náà. Lọ́jọ́ kejì, màá kó ìwé wọ̀nyí fún lọ́yà kó bá mi kọ lẹ́tà sí yín. N ò fẹ́ kó débẹ̀ rárá, ẹ kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ bá lo lọ́yà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú ni, kó má baà bá yín lójijì. Láti ìsinsìnyí lọ náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ni màá máa gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù á sì wọlé kí ẹrù tó jáde ní Ìtòkú.

Àkáǹtì tó wà nísàlẹ̀ ínfọ́ọ̀sì náà ni kí ẹ san án sí, mi ò yí i padà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà míràn ránṣẹ́ sí yín lórúkọ mi, ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ pè mí. Ẹ kọ "047" sí ibi àlàyé tí ẹ bá ń fi owó náà ránṣẹ́. Bí mo bá ti rí alẹ́ẹ̀tì, màá fi rìsíìtì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti san án kí ímeèlì yìí tó dé, ẹ bá mi fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè bi báńkì mi.

Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Àbúrò yín,
Ìyá Ayọ̀, aládìrẹ
Ìtòkú, Abẹ́òkúta