Ẹ bá wa kí Àbẹ̀kẹ́ kú oríire

Ẹ bá wa yọ̀ o! Àbẹ̀kẹ́, àbúrò tó tẹ̀lé mi, ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ràn ariwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i kí n tó gbé e síta. Ó kà á tán, ó ní kí n yọ ìlà méjì kúrò. Mo ti yọ wọ́n. Fọ́tò tí ẹ ń wò yìí, òun fúnra rẹ̀ ló mú un. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí lọ́dọ̀ mi o. Ẹ má sì bi mí léèrè irú máàkì tó gbà. Tirẹ̀ ni.

Ohun tí mo fojú ara mi rí nìkan ni mo fẹ́ sọ.

2019 ló wọlé. Ọdún márùn-ún ló yẹ kó lò, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta 2020. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tún dé lọ́dún 2022, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwa tó kù nílé ń ráhùn, à ń gbọ́ ìròyìn lálaalẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ wá àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́sàn-án, ó po erùpẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ó rọ ọ́ sínú wọn, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sẹ́yìn ilé ìdáná. Kò pé oṣù kan àtààbọ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ pé àwọn fẹ́ ra ẹ̀fọ́. Láti ìgbà yẹn títí wọn fi padà sílé ìwé, kò tọrọ owó dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan níbi àríyá, ẹnì kan bi í pé, "Ṣé torí kó o lè roko lo ṣe lọ yunifásítì?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ. Èmi tí wọn ò bi ni inú ń bí.

Ìgbà tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, mo lọ kí i, mo sì bá a dé oko. Àgbàdo ni. Ó fi ìgbẹ́ adìyẹ sí àwọn ebè kan, ó fi ajílẹ̀ òyìnbó sí òmíràn, kò fi nǹkan kan sí ìyókù. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wọn gíga wọn, tó ń ka ewé wọn. Ó ní kí n di etí téèpù kan mú, kí n bá òun kà. Mo kà á, mo ní mẹ́jọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní méje ni, èyí tó wà láàárín kò tíì là tán, a kì í kà á. Mo ní ewé kan ṣoṣo, ta ló máa mọ̀? Kò dá mi lóhùn. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ebè, ó tún gbogbo èyí tí mo ti kà kà. Òòrùn ń ta, ẹrẹ̀ ti kun ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an lèmi ti mọ̀ pé ó ti gboyè, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ rárá.

Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́, o kú àforítì, o kú ìnáwó. Bàbá ò sọ púpọ̀, o mọ̀ wọ́n, àmọ́ wọ́n ti pe gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù wọn. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹ kí i dáadáa. Ó ń retí ibi tí wọ́n máa pín in sí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ẹ bá wa ṣàdúrà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi í nípa ọkọ, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, mo ní èsì fún yín.

Ìwé ẹlẹ́rẹ̀ yẹn, Màmá fẹ́ fi dáná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti gbà á, mo fi ọ̀rá wé e, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ìgbàkígbà tó o bá dé, wá mú un.